Kí Revit Tó Wọ Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì: Lẹ́tà Tí Ayàwòrán Ilé Gbọ́dọ̀ Kọ

Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ilé-iṣẹ́ ńlá ṣiṣẹ́ rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ wa áàpù kan sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ fẹ́ kó wọ kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì yín, kọ̀ǹpútà náà ní òun kò gbà, àfi kí ẹ mú páásíwọ̀ọ̀dù alábòójútó wá. Èyí tí ẹ fi ń ṣí i láràárọ̀ kò ká a. Ti alábòójútó wà lọ́wọ́ àwọn ará ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, àwọn tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní áítíì, wọn kì í sì í fún ẹnikẹ́ni. Ó di dandan kí ẹ kọ lẹ́tà. Lẹ́tà yìí ni mo fẹ́ ká jọ wò fínnífínní, nítorí iṣẹ́ gidi ti máa ń dúró sójú kan lórí lẹ́tà ìlà méjì tí kò sọ ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró sí ọ̀dọ̀ àwọn áítíì. Áàpù tí a bá fi páásíwọ̀ọ̀dù alábòójútó gbé wọlé lágbára gan-an. Ó lè fọwọ́ kan fáìlì gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà. Ó lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó tilẹ̀ lè pa áàpù tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ ní oṣù mẹ́fà sí i, ayàwòrán kọ́ ni ọ̀gá àgbà yóò pè, àwọn áítíì ni. Ìdí nìyẹn tí ìyìn áàpù kì í fi í wọ̀ wọ́n létí. Ohun tí wọ́n ń wò ni ẹrù tí yóò já lé wọn lórí. Lẹ́tà tó bá dárúkọ ẹrù náà, tó sì sọ ẹni tí yóò bá wọn gbé e, ni wọ́n máa ń tètè fọwọ́ sí.

Ká mú ayàwòrán ilé kan, ká pè é ní Bọ̀láńlé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan ní Ìbàdàn. AutoCAD ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, Revit ló sì ń fẹ́. Ilé-iṣẹ́ Autodesk ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń lo AutoCAD, ìlà ni ayàwòrán ń fà. Àwòrán tó fi ilé hàn láti òkè wà lọ́tọ̀, ti ojú ilé wà lọ́tọ̀, èyí tó la ilé sí méjì ká lè rí inú rẹ̀ wà lọ́tọ̀, tábìlì tó ń ka iye fèrèsé àti ilẹ̀kùn náà sì wà lọ́tọ̀. Bí oníbàárà bá ní kí wọ́n sún fèrèsé kan, ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Bọ̀láńlé yóò ti tún un ṣe. Bó bá gbàgbé ọ̀kan, ó di orí ilẹ̀ kí bíríkìlà tó rí i. Nínú Revit, odindi ilé kan ló ń kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, àwọn àwòrán tó kù kàn ń wo ilé yẹn láti igun tiwọn ni. Bí fèrèsé bá sún lójú kan, ó ti sún níbi gbogbo nìyẹn, tábìlì náà á sì tún ara rẹ̀ kà.

Lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń kọ́kọ́ kọ kò ju báyìí lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi Revit sórí kọ̀ǹpútà mi. Ó wúlò púpọ̀ fún iṣẹ́ wa." Ẹni tó gbà á kò mọ Revit ọdún wo ni, kò mọ ẹni tí yóò sanwó rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà lè gbé e. Á gbé lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dojú kọ iṣẹ́ tí òye rẹ̀ yé e. Kì í ṣe pé ó bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá.

Ìdí tó máa ń wúwo nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tó ní orúkọ, tó sì ní ọjọ́. Ká sọ pé ilé ìwòsàn alájà méjì ni ilé-iṣẹ́ Bọ̀láńlé fẹ́ kọ́, ẹnjiníà tó ń ṣírò irin àti kọnkéré rẹ̀ sì ń fi fáìlì .rvt ránṣẹ́, ìyẹn fáìlì Revit, tí AutoCAD kò lè ṣí. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí tó ìdí. Ṣùgbọ́n kí Bọ̀láńlé tó kọ ọ́, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ bóyá wíwò nìkan ló fẹ́ máa wo iṣẹ́ ẹnjiníà náà. Autodesk ní ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Autodesk Viewer lorúkọ rẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè ṣí fáìlì .rvt, kó yí i wò, kó wọn gígùn ògiri, láìgbé áàpù kankan wọlé, láìsanwó. Ẹni tó bá jẹ́ pé wíwò ni tirẹ̀ kò nílò Revit rárá. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ kó béèrè lọ́wọ́ áítíì ni bóyá ilé-iṣẹ́ gbà kí àwòrán oníbàárà lọ gun orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Bọ̀láńlé ní tirẹ̀ fẹ́ máa sún ògiri, kó máa fi yàrá kún yàrá, nítorí náà ìbéèrè rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú lẹ́tà náà, tó sì máa ń bọ́ sọnù jù, ni ọdún. Ọdọọdún ni Autodesk ń gbé Revit tuntun jáde, ọdún sì wà lára orúkọ rẹ̀: Revit 2023, Revit 2024, Revit 2025. Fáìlì tí wọ́n bá fi 2025 pa mọ́, 2024 kò lè ṣí i láéláé. Kò sí bọ́tìnì kankan nínú rẹ̀ tó lè dá fáìlì padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Òdìkejì rẹ̀ rọrùn, ibẹ̀ gan-an sì ni pańpẹ́ wà: 2025 yóò gba fáìlì 2023 tọwọ́tẹsẹ̀, yóò sọ ọ́ di ti 2025, bí ẹ bá sì ti pa á mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, 2023 ò lè ṣí ẹ̀dà yẹn mọ́. AutoCAD kì í ṣe báyìí. Ó máa ń gbà kí èèyàn pa fáìlì mọ́ ní ìrísí tí ẹ̀yà àtijọ́ lè kà, ìdí nìyẹn tí ẹni tí AutoCAD ti mọ́ lára kì í fi í fura.

Ẹ wo bó ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ẹnjiníà ń lo Revit 2024. Bọ̀láńlé kọ "Revit" lásán sínú lẹ́tà. Áítíì fẹ́ ṣe é dáadáa, wọ́n wa èyí tó tuntun jù sílẹ̀. Fáìlì ẹnjiníà ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun tó hàn lójú Bọ̀láńlé kò ju àpótí kékeré kan tó ní òun ń sọ fáìlì di ti tuntun. Ó ṣiṣẹ́ lé e lórí títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ó fi ránṣẹ́ padà. Ẹnjiníà tẹ̀ ẹ́, Revit tirẹ̀ ní ẹ̀yà tó ju òun lọ ni wọ́n fi pa á mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí, ọ̀nà méjì péré ló kù. Kí Bọ̀láńlé tún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà ṣe lórí ẹ̀dà 2024, tí ẹ̀dà náà bá ṣì wà. Tàbí kó kó ilé náà jáde ní ìrísí IFC, tí ọ̀pọ̀ áàpù ìkọ́lé lè kà. IFC á gbé ògiri, òpó àti ilẹ̀ rékọjá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n rọrùn láti yí padà yóò ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí Bọ̀láńlé bi ẹnjiníà ní orúkọ tó wà lókè pátápátá ojú ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí Revit bá ṣí, ọdún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà gbangba pé 2024 ni òun fẹ́, kí wọ́n má fi tuntun jù sí i. Ẹni tó bá ti sanwó fún Revit lè wa èyí tó wà lóde báyìí àti ọdún mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpamọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Autodesk, nítorí náà ìbéèrè yìí kò le.

Ọ̀rọ̀ láìsẹ́ǹsì ló tẹ̀lé e. Ó ṣeé ṣe kí Bọ̀láńlé ti ní Revit lórí lápútọ́ọ̀pù ara rẹ̀ láti yunifásítì, nítorí Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan, wọ́n sì lè tún un gbà bí wọ́n bá ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ nìkan ló wà fún. Ilé ìwòsàn tí oníbàárà ń sanwó rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Láyé ìgbà kan, AutoCAD ti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tẹ gbólóhùn kan sí etí ìwé pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni àwòrán náà ti wá, bí wọ́n bá sì mú nǹkan kan láti inú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sínú àwòrán ilé-iṣẹ́, gbólóhùn náà á ràn mọ́ ọn. Láti ẹ̀yà 2019 ni wọ́n ti mú ìtẹ̀ yẹn kúrò, ṣùgbọ́n àdéhùn kò yí padà. Áítíì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà, kò sì yẹ kí ayàwòrán fi dán an wò.

Ti èyí tí wọ́n ti já ìdè rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń fi fíláàṣì gbé kiri, burú ju ìyẹn lọ. Áàpù kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022 dáàbò bò ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ ni yóò sì jẹ́jọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀ ná. Ohun àkọ́kọ́ tí ìwé ìtọ́sọ́nà tó ń bá a rìn sábà máa ń sọ ni pé kí ẹ pa áàpù tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ní kí ẹ lé ọdẹ kúrò kí òun tó wọlé ti sọ ohun tó bá wá.

Èyí tó tọ́ ni kí ilé-iṣẹ́ sanwó ọdún kan, kí wọ́n fi orúkọ Bọ̀láńlé sí i. Láti 2016 ni Autodesk ti dáwọ́ títa láìsẹ́ǹsì tuntun tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ayé dúró, sísan lásìkò ló kù. Orúkọ èèyàn ni láìsẹ́ǹsì náà ń lẹ̀ mọ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, nítorí náà lẹ́tà gbọ́dọ̀ sọ ímeèlì tí wọn yóò fi sí. Ti ilé-iṣẹ́ ni kó jẹ́. Bó bá jẹ́ ímeèlì tí Bọ̀láńlé fi ń kí ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi rà á, ọjọ́ tó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni láìsẹ́ǹsì tí ilé-iṣẹ́ sanwó rẹ̀ bá a lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló wà nídìí àpamọ́ náà, áítíì á kàn yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á fi ti ẹlòmíràn sí i.

Ẹni tó ń mójú tó owó á béèrè pé Revit LT ńkọ́, nítorí owó rẹ̀ kéré púpọ̀. Kí Bọ̀láńlé ti dáhùn kí wọ́n tó béèrè: nínú LT, èèyàn méjì kò lè jọ ṣiṣẹ́ lórí ilé kan náà, kò sì gba àwọn áàpù kéékèèké tí ẹlòmíràn ṣe láti fi kún un. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ni yóò ya ilé ìwòsàn náà, kó gba LT tayọ̀tayọ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, kó sọ bẹ́ẹ̀ ní gbólóhùn kan.

Ó wá ku ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Orí Windows nìkan ni Revit ń ṣiṣẹ́. Kí Bọ̀láńlé má wulẹ̀ kọ ọ́ pé "kọ̀ǹpútà mi lágbára". Kó tẹ bọ́tìnì Windows àti R pa pọ̀, kó sì tẹ èyí sínú àpótí tó bá jáde:

```
dxdiag
```

Ojú ewé tó máa ṣí yóò dárúkọ ẹ̀yà Windows, ọpọlọ ẹ̀rọ, ìwọ̀n ráàmù àti káàdì tó ń gbé àwòrán jáde. Bọ́tìnì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Save All Information, tó máa kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan. Kó so fáìlì yẹn mọ́ lẹ́tà. Áítíì kò ní ní láti dìde wá wo ẹ̀rọ kí wọ́n tó dáhùn.

Ráàmù ni ká wò jù. Ìmọ̀ràn tí Autodesk fún àwọn oníṣẹ́ ni pé fáìlì Revit lè gba ráàmù tó tó ìlọ́po 20 ìwọ̀n ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣí. Ká sọ pé fáìlì ilé ìwòsàn yìí jẹ́ 200 mẹ́gábáìtì: ó lè mu 4 gìgábáìtì. Bí Bọ̀láńlé bá so fáìlì ẹnjiníà tó jẹ́ 100 mẹ́gábáìtì mọ́ ọn, 2 gìgábáìtì tún kún un. Windows fúnra rẹ̀, ímeèlì àti íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ yóò gba tiwọn. Ẹ̀rọ tó ní 8 gìgábáìtì ti ń mí hẹlẹ níbi tí a dé yìí, kò sì tíì sí ẹni tó fa ìlà kan. 16 ni kó béèrè fún, bí wọn kò bá sì ní in, fífi ráàmù kún kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ ńlá fún áítíì. Àyè tó ṣófo lórí dísìkì gbọ́dọ̀ tó 30 gìgábáìtì fún áàpù náà nìkan. Lórí ìyẹn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń pa fáìlì mọ́ ni Revit ń tọ́jú ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mẹ́ta ni bí fáìlì kò bá jẹ́ àjọlò. Fáìlì 200 mẹ́gábáìtì á wá di 800. Bí ẹ bá rí fáìlì tí 0001 tàbí 0002 wà nídìí orúkọ rẹ̀, òun nìyẹn, ẹ má yà á sí fáírọ́ọ̀sì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ayàwòrán ilẹ̀ wa fi kún lẹ́tà láìtijú: báátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró nígbà tí iná bá lọ. Revit kì í dá iṣẹ́ pa mọ́ fúnra rẹ̀. Ìránnilétí ló ń ṣe, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì yí i padà, ẹ̀ẹ̀kan ní 30 ìṣẹ́jú ni. Láàárín ìgbà tí iná ọba bá lọ sí ìgbà tí ẹnìkan bá tan jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ ìdajì wákàtí lè ti bá a lọ.

Mo ti sọ pé áítíì ń bẹ̀rù ohun tó ń bá áàpù wọlé. Ẹ̀rù náà ní ìtàn. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ ESET tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì kéde ọ̀kan tí wọ́n pè ní ACAD/Medre.A. Orílẹ̀-èdè Perú ló ti gbilẹ̀ jù. Èdè AutoLISP tí AutoCAD fi ń gba àṣẹ kéékèèké ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó máa ń wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú àwòrán, bí ẹni tí kò mọ̀kan bá sì ṣí àwòrán náà, AutoCAD á ka òun náà. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo àwòrán tí ẹni náà bá ṣí ni yóò máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn àpótí kan ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀wẹ́wàá àwòrán ló jáde báyìí kí ESET, Autodesk àti àwọn tó ni àpótí ímeèlì náà tó jọ tì í pa. Kò ba fáìlì kankan jẹ́, kò béèrè owó, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè fura.

Ẹ̀kọ́ tí lẹ́tà yóò mú níbẹ̀ ni pé orúkọ Revit nìkan kò tó. Áàpù kéékèèké tí a ń fi kún un, ìyẹn àwọn tó ń yára to irin tàbí tó ń ka iye táìlì, jẹ́ àlejò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí Bọ̀láńlé dárúkọ èyí tó fẹ́. Bí kò bá fẹ́ ìkankan báyìí, kó kọ ọ́ pé òun kò fẹ́, òun yóò sì kọ lẹ́tà mìíràn kí òun tó fi kún un. Mi ò mọ gbólóhùn tó ń fi ọkàn áítíì balẹ̀ tó èyí.

Ẹ jẹ́ ká wá ka lẹ́tà náà látòkè délẹ̀. Ó lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́fíìsì yín fi ń kọ̀wé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ mú.

*Sí: Ọ̀gá Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà*
*Nípasẹ̀: Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìyàwòrán*

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa.*

*ÌBÉÈRÈ FÚN ÌYỌ̀ǸDA LÁTI FI REVIT 2024 SÓRÍ KỌ̀ǸPÚTÀ Ẹ̀KA ÌYÀWÒRÁN*

*Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ìyọ̀ǹda yín láti fi Autodesk Revit 2024 sórí kọ̀ǹpútà tí mo ń lò. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn tí a gbà ni mo fẹ́ fi ṣe. Ẹnjiníà iṣẹ́ náà ń fi fáìlì .rvt ránṣẹ́, AutoCAD tí a ní kò sì lè ṣí i. Àwòrán àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ oníbàárà ní ìparí oṣù tó ń bọ̀.*

*Ẹ jọ̀ọ́, 2024 gan-an ni kó jẹ́, nítorí òun ni ẹnjiníà ń lò, ohun tí a bá sì fi ẹ̀yà tuntun pa mọ́ kò ní ṣí lọ́dọ̀ rẹ̀.*

*Láìsẹ́ǹsì ọdún kan la fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ rà, lórí ímeèlì ilé-iṣẹ́ mi, kí àpamọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ àkóso yín. Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìyàwòrán ti gbà kí owó rẹ̀ jáde nínú owó iṣẹ́ ilé ìwòsàn, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Revit LT kò ní tó wa, nítorí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan ni yóò jọ ṣiṣẹ́ lórí fáìlì kan náà. Òun yóò kọ lẹ́tà tirẹ̀.*

*Mo so àbájáde dxdiag mọ́ lẹ́tà yìí. Ráàmù ẹ̀rọ náà jẹ́ 8 gìgábáìtì, mo sì bẹ̀bẹ̀ kó di 16. Àyè tó ṣófo lórí dísìkì tó. Bí báátìrì kan bá wà tó lè gbé e dúró nígbà tí iná bá lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá a.*

*Áàpù náà gbọ́dọ̀ kan sí Autodesk lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fi orúkọ mi wọlé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín 30 ọjọ́. Mi ò béèrè fún áàpù àfikún kankan. Bí mo bá nílò ọ̀kan, n ó tún kọ̀wé. Orí ẹ̀rọ àjọlò ilé-iṣẹ́, níbi tí ẹ ti ń ṣe ẹ̀dà àpamọ́ lálaalẹ́, ni fáìlì iṣẹ́ yóò máa wà.*

*Mo mọ Revit í lò, n kò ní yọ yín lẹ́nu lórí bí a ṣe ń yàwòrán. Ìgbéwọlé rẹ̀ àti títún un ṣe ni mo gbé síwájú yín. Ẹ lè ṣe é nígbàkígbà lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, n ó ti pa iṣẹ́ mi mọ́.*

*Ẹ ṣeun, ọ̀gá wa.*

Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè dà bí àṣà lásán, ìyẹn "nípasẹ̀". Áítíì kò ní owó ẹ̀ka ìyàwòrán lọ́wọ́. Lẹ́tà tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn láìsí ìbuwọ́lùwé ẹni tó ni owó yóò padà lọ gba á, ọ̀sẹ̀ kan á sì ti lọ. Ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ohun tó ń jáde lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí wọn kò bá sì ṣí ọ̀nà fún Autodesk níbẹ̀, Revit á wọlé dáadáa, á tẹsẹ̀ dúró lójú ewé tó ti ń béèrè ímeèlì àti páásíwọ̀ọ̀dù. Àwọn èèyàn á rò pé páásíwọ̀ọ̀dù ni kò tọ́, wọ́n á máa yí i padà lóríṣiríṣi. Ọ̀nà láti mọ̀ rọrùn: kí wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, bí áítíì bá gbà á. Bó bá wọlé níbẹ̀, a jẹ́ pé páásíwọ̀ọ̀dù kò jẹ̀bi.

Áítíì lè dáhùn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi dánwò tí Autodesk ń fúnni wò ó. Ìmọ̀ràn tó dára ni, níwọ̀n bó bá jẹ́ ìdánwò ni wọ́n fi ń ṣe lóòótọ́. Kí Bọ̀láńlé ṣe ẹ̀dà fáìlì ẹnjiníà, kó ṣí i, kó yí i ká, kó sún ògiri kan, kó pa á mọ́, kó tẹ ojú ewé kan jáde. Bí ó ti ń ṣe é, kó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kó wo ráàmù tó ń lọ. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tí iná dísìkì sì ń ṣẹ́jú láìdákẹ́, ráàmù ló kù káàtó. Kó ya àwòrán ojú ẹ̀rọ náà, kó fi ránṣẹ́ sí áítíì. Kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn.

Bí wọ́n bá sì kọ̀, kí ó béèrè ìdí rẹ̀ ní àkọsílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà ni wọn kò fẹ́, kì í ṣe áàpù: bóyá òun kan náà ni wọ́n fi ń san owó oṣù tàbí ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ wà. Kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí lè yanjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Níkẹyìn, ó yẹ kí Bọ̀láńlé àti áítíì jọ kọ ọjọ́ tí láìsẹ́ǹsì yóò parí sílẹ̀ síbi tí àwọn méjèèjì ti lè rí i, nítorí ọjọ́ tí owó bá tán ni Revit yóò dẹ́kun ṣíṣí, fáìlì .rvt ilé ìwòsàn náà á sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá ní tún un san, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú. Kó tẹ gbogbo ojú ewé sí PDF fún àwọn tó wà lórí ilẹ̀, kó kó àwòrán jáde sí .dwg tí AutoCAD ọ́fíìsì lè ṣí, kó sì kó odindi ilé náà sí IFC. Lẹ́yìn náà kí ó fi .rvt gan-an pa mọ́ pẹ̀lú wọn, kó kọ 2024 sára orúkọ rẹ̀, kí ẹni tí yóò tún ilé ìwòsàn náà ṣe lọ́jọ́ iwájú lè mọ Revit tí yóò béèrè fún.